Páńẹ́lì Sólà àti Iná Ẹlíìdì: Ààlà Kan Náà Ló Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Àwọn Méjèèjì

Bí ẹ bá tú fìtílà sólà kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kàwé nígbà tí iná ìjọba bá lọ, nǹkan mẹ́ta lẹ ó rí tó ṣe kókó. Páńẹ́lì dúdú tó ń gba oòrùn wà lórí rẹ̀. Bátìrì wà nínú rẹ̀. Níwájú ni àwọn ẹyọ iná funfun wínníwínní tí à ń pè ní ẹlíìdì wà. Lójú ẹni tó rà á, páńẹ́lì àti ẹlíìdì kò bára tan rárá: ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ ó ń mú iná jáde, èkejì ń gba iná ó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde. Àmọ́ bí a bá wo inú àwọn méjèèjì débi tí ojú lásán kò lè dé, ohun kan náà la ó bá níbẹ̀. Kírísítà kan ni, tí wọ́n po èròjà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n po òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ààlà tín-ínrín kan sì wà níbi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pàdé.

Ibi ààlà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ti ń wáyé. Ọ̀rọ̀ náà sì ju pé wọ́n jọra lọ. Páńẹ́lì sólà lè tàn bí ẹlíìdì, ẹlíìdì náà lè mú iná jáde bíi páńẹ́lì, àwọn tó ń ṣe páńẹ́lì sì ti rí i pé èyí tó bá mọ̀ ọ́n tàn jù ló ń mú iná wá jù.

Ọ̀pá sílíkọ́nì tó sán

Lọ́dún 1940, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Russell Ohl ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Sílíkọ́nì ló ń wádìí nítorí ọ̀rọ̀ rédíò. Láàárín àwọn ọ̀pá sílíkọ́nì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà tó sán láàárín, ọ̀pá yìí kò sì hùwà bí àwọn yòókù. Nígbà tí Ohl tan iná sí i, iná mànàmáná jáde lára rẹ̀, ó tó nǹkan bí ìdajì fólítì. Èyí ju ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí rí lọ. Walter Brattain, tó wà lára àwọn tí wọ́n ṣe tìránsísítọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méje, wà lára àwọn tí Ohl fi hàn, ó sì yà á lẹ́nu gidigidi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí sílíkọ́nì yíyọ́ náà ń dì, àwọn ìdọ̀tí díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Irú kan kó sí apá kan, irú kejì kó sí apá kejì, ọ̀pá náà sì ní ààlà nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ààlà yìí kan náà ni Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní ilé ìwádìí Bell tí wọ́n fi gbé páńẹ́lì sílíkọ́nì àkọ́kọ́ tó wúlò jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1954. Nínú gbogbo agbára oòrùn tó bà lé e, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ di iná. Páńẹ́lì tí wọ́n ń tà lónìí ń sọ bí ogún sí méjìlélógún di iná.

Ìtàn ẹlíìdì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú èyí. Lọ́dún 1907, Henry Round, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi iná sí kírísítà kan tí wọ́n fi ń ṣe òkúta ìpọnbẹ, ó sì rí i pé ó ń tàn ràkọ̀ràkọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1962 ni Nick Holonyak ṣe ẹlíìdì pupa tó ṣe é fojú rí ní iléeṣẹ́ General Electric. Ẹlíìdì aláwọ̀ búlúù ló wá ṣòro jù. Àwọn ará Jàpáàn mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló yanjú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2014. Láìsí ti búlúù kò lè sí ti funfun, nítorí pé ẹlíìdì funfun tó wà nínú fìtílà yín, búlúù ni ní ìsàlẹ̀. Àtíkè yẹ́lò tí wọ́n fi bò ó lórí ló ń sọ apá kan búlúù náà di yẹ́lò, tí ojú wa fi ń rí àpapọ̀ wọn bíi funfun.

Ohun tó wà ní ààlà

Átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́kítírọ́nì mẹ́rin tó fi ń di àwọn tó yí i ká mú. Nítorí náà, nínú sílíkọ́nì tó mọ́ gaara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹlẹ́kítírọ́nì tó ráyè rìn. Bí a bá wá po fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ mọ́ ọn, tí tirẹ̀ jẹ́ márùn-ún, ẹyọ kan yóò ṣẹ́ kù tí kò níṣẹ́, yóò sì máa rìn káàkiri. Bí ó bá jẹ́ bórọ́ọ̀nù la pò mọ́ ọn, tí tirẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, ibì kan yóò ṣófo níbi tó yẹ kí ẹlẹ́kítírọ́nì wà. Ihò ni àwọn onímọ̀ ń pe àyè tó ṣófo yìí. Ihò náà lè rìn, torí pé bí ẹlẹ́kítírọ́nì tó wà nítòsí bá bọ́ sínú rẹ̀, ibi tí ìyẹn ti kúrò ni yóò di ihò tuntun. Èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kò tó nǹkan rárá. Bórọ́ọ̀nù kan ṣoṣo láàárín àwọn mílíọ̀nù átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì tó láti yí ìwà gbogbo rẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ tó kún fún ẹlẹ́kítírọ́nì bá fara kan ẹ̀gbẹ́ tó kún fún ihò, àwọn ẹlẹ́kítírọ́nì tó wà nítòsí yóò sọdá, wọn yóò kó sínú ihò. Àmọ́ wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn. Átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nì rẹ̀ di pọ́sítíìfù, átọ́ọ̀mù bórọ́ọ̀nù tó gba ẹlẹ́kítírọ́nì kún tirẹ̀ di nẹ́gẹ́tíìfù, àwọn méjèèjì kò sì lè kúrò lójú kan. Láìpẹ́, nẹ́gẹ́tíìfù tó ti pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ihò yóò máa lé àwọn ẹlẹ́kítírọ́nì tó kù padà. Báyìí ni ìdènà ṣe dìde ní ààlà, kò sì sẹ́ni tó fi bátìrì sí i. Iṣẹ́ méjì ni ìdènà yìí ń ṣe. Kì í jẹ́ kí ẹlẹ́kítírọ́nì tún sọdá sí ọ̀dọ̀ ihò, èyí tó bá sì já sí àgbègbè rẹ̀, yóò tì í padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́kítírọ́nì.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí a gbọ́dọ̀ mọ̀, ìyẹn ni àlàfo agbára. Ẹ fojú inú wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ibi ìdúró kankan láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Ìsàlẹ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́nì tí wọ́n dì mú wà. Òkè ni ẹlẹ́kítírọ́nì tó ráyè rìn wà. Kò sí èyí tó lè dúró sí àárín. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, tí horo rẹ̀ kan ní agbára tó ga tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, yóò gbé ẹlẹ́kítírọ́nì kan gòkè, ihò yóò sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Bí agbára horo náà kò bá tó, yóò kọjá lọ bí ẹni pé kò síbẹ̀. Lọ́nà kejì, bí ẹlẹ́kítírọ́nì tó wà lókè bá já bọ́ sínú ihò tó wà nísàlẹ̀, agbára tó pàdánù lè jáde gẹ́gẹ́ bí horo ìmọ́lẹ̀ kan tí agbára rẹ̀ bá gíga pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà dọ́gba.

Nínú páńẹ́lì, ìmọ́lẹ̀ gbé ẹlẹ́kítírọ́nì gòkè, ìdènà tó wà ní ààlà sì tètè ya òun àti ihò rẹ̀ kí wọ́n tó tún padà pàdé. Ẹlẹ́kítírọ́nì kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a bá fi wáyà so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ níta, wọn yóò gba inú wáyà lọ pàdé ara wọn, lójú ọ̀nà ni wọ́n yóò ti ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́. Nínú ẹlíìdì, àwa la fi bátìrì sọ ìdènà yẹn di kékeré. Ẹlẹ́kítírọ́nì rọ́ wọ ààlà láti apá kan, ihò rọ́ wọ̀ ọ́ láti apá kejì, wọ́n pàdé ní àárín, ìmọ́lẹ̀ sì jáde.

Pọ́sítíìfù kò yí padà

Ibi tó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí. Wọ́n rò pé bí iṣẹ́ méjèèjì bá ta kora, pọ́sítíìfù ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹlíìdì bá ń tàn, ẹ̀gbẹ́ ihò la so mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì. Nígbà tí páńẹ́lì bá wà lóòrùn, ẹ̀gbẹ́ ihò náà ló ń di pọ́sítíìfù. Ohun tó yí padà ni ọ̀nà tí iná gbà ń ṣàn: nínú ẹlíìdì, iná ń gba ojú pọ́sítíìfù wọlé, nínú páńẹ́lì, ojú pọ́sítíìfù kan náà ló ń gbà jáde.

Ẹ ó rí àǹfààní òye yìí lálẹ́. Wáyà pọ́sítíìfù páńẹ́lì wà lára pọ́sítíìfù bátìrì. Bí oòrùn bá wọ̀, tí kò sì sí nǹkan tó dá iná dúró, bátìrì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti iná padà sínú páńẹ́lì lọ́nà kan náà tí a gbà ń tan ẹlíìdì. Fún páńẹ́lì tó ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógójì lórí bátìrì fólítì 12, ohun tó ń kan sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi 0.36 fólítì lọ, ìyẹn kò tó láti jẹ́ kí iná púpọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni bátìrì fi ń gbẹ ní gbogbo òru. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń darí sólà fi máa ń ti ọ̀nà náà pa nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ìdí tí ọ̀kan fi ń fúnni ní ìdajì fólítì tí èkejì fi ń béèrè mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká padà sínú fìtílà wa. Ẹlíìdì funfun rẹ̀ kì í tàn dáadáa àfi tó bá rí nǹkan bíi fólítì 3. Sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì kan ṣoṣo nínú páńẹ́lì rẹ̀ kì í fúnni ju nǹkan bí ìdajì fólítì lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá tóbi tàbí ó kéré, fólítì rẹ̀ kò yí padà. Ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nìkan ni títóbi ń fi kún. Kí ló fà á tí ààlà kan náà fi yàtọ̀ báyìí?

Gíga pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Àlàfo sílíkọ́nì jẹ́ nǹkan bíi 1.1 nínú ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́nì-fólítì. Horo ìmọ́lẹ̀ pupa ní nǹkan bíi 1.9, ti búlúù tó 2.7. Ẹlíìdì tó fẹ́ mú búlúù jáde gbọ́dọ̀ ní àlàfo tó ga tó búlúù, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi sílíkọ́nì ṣe é. Gálíọ́ọ̀mù àti náítírójẹ̀nì, pẹ̀lú índíọ́ọ̀mù díẹ̀, ni wọ́n ń lò. Kí ẹlẹ́kítírọ́nì tó lè já bọ́ láti 2.7, bátìrì ní láti gbé e dé ibẹ̀ ná, ìdí rèé tó fi ń béèrè fólítì tó sún mọ́ 3.

Ní ti sílíkọ́nì, òun kékeré ló yẹ oòrùn, nítorí pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó bá ga jù yóò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ horo ìmọ́lẹ̀ kọjá láìṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó orí wà níbẹ̀. Bí horo búlúù tó ní 2.7 bá gbé ẹlẹ́kítírọ́nì kan, yóò gbé e kọjá òkè fíofío, ẹlẹ́kítírọ́nì náà yóò sì tètè sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkè níbi 1.1. Ohun tó ṣẹ́ kù di ooru lásán. Nígbà tí iná yóò fi jáde síta, ìdajì fólítì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ la ó rí.

Ìṣirò yìí ló dáhùn ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi wá: ṣé a kò lè gbé fìtílà sólà síwájú páńẹ́lì tirẹ̀ kó máa fún ara rẹ̀ níná? Kí ẹ gbà pé kò sí horo ìmọ́lẹ̀ kankan tó ṣòfò lójú ọ̀nà, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́nì kọ̀ọ̀kan ná wa ní fólítì 3 láti mú horo kan jáde, páńẹ́lì dá nǹkan bíi 0.6 padà fún wa. Ìdá kan nínú márùn-ún péré la rí gbà.

Nítorí náà, ẹni tó ṣe fìtílà náà ní láti to sẹ́ẹ̀lì jọ ní títẹ̀lé ara wọn. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù inú irú fìtílà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ fólítì 3.2, ó sì ń fẹ́ nǹkan bíi 3.6 kó tó kún. Ooru oòrùn ń dín agbára páńẹ́lì kù, nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún fólítì kan ló ń jẹ lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fún dígírì kan tó bá fi gbóná sí i. Wọ́n sì ní láti fi àlékún sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹ wo páńẹ́lì kékeré náà dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n pín in sí ìrẹ̀pẹ́ bíi mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹ fi ìdajì fólítì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí fólítì 5 sí 6, iye tí wọ́n sábà máa ń kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ gbé ẹlíìdì sóòrùn

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé fi ọwọ́ ara wọn ṣe nìyí. Ẹ wá ẹlíìdì pupa kan, èyí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí orí rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, tí kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n jó mọ́ ọn. Ẹ yí mítà sí fólítì tààrà, ẹ fi ojú pọ́sítíìfù rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ẹlíìdì tó gùn jù, kí ojú kejì kan ẹsẹ̀ kúkúrú. Ẹ kọ orí ẹlíìdì náà sí oòrùn ọ̀sán. Mítà yóò fi ohun tó ju fólítì 1 lọ hàn, ó tilẹ̀ lè sún mọ́ 1.5. Ẹ fi ọwọ́ bo oòrùn, yóò wálẹ̀. Ẹyọ ẹlíìdì kan tí a rà fún owó péńpé ti fúnni ní fólítì tó ju ti sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì ńlá lọ, nítorí pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ ga ju ti sílíkọ́nì lọ.

Kí ló wá dé tí a kò fi ẹlíìdì kún orí òrùlé? Ẹ gbìyànjú láti fi ẹlíìdì yẹn tan nǹkan, kò ní tan. Sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì tó dára ń fúnni ní nǹkan bíi mílí-ámpíà 35 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó nígbà tí oòrùn bá le. Kírísítà inú ẹlíìdì kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ni yóò kún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Kódà bó bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi sílíkọ́nì, kò ní fúnni ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mílí-ámpíà kan lọ. Orí rẹ̀ tó mọ́ gaara ń kó oòrùn jọ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n pupa tó jìn àti gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ kéré ju ti pupa lọ ń kọjá lára rẹ̀ láìgbé ẹlẹ́kítírọ́nì kankan.

Ẹ tún lè fi àwọ̀ dán an wò nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ tan ẹlíìdì búlúù sí orí ẹlíìdì pupa, mítà yóò gòkè. Ẹ yí i padà, kí ẹ tan pupa sí orí búlúù, ẹ kò ní rí nǹkan kan, bó ti wù kí pupa náà mọ́lẹ̀ tó. Horo búlúù lágbára tó láti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pupa, horo pupa kò tó láti gun ti búlúù. Forrest Mims, ará Amẹ́ríkà kan tó kọ ọ̀pọ̀ ìwé fún àwọn tó ń ṣeré ẹ̀rọ, lo ìwà yìí láti fi ẹlíìdì ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ó lè mọ bí eruku àti ìkùukùu èéfín ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀run. Àwọ̀ ẹlíìdì kọ̀ọ̀kan ń dá irú ìmọ́lẹ̀ kan mọ̀, kò sí ìdí láti ra gílásì aláwọ̀ tó gbówó lórí.

Páńẹ́lì tó ń tàn nínú òkùnkùn

Àwọn tó mọ iṣẹ́ sólà dunjú ń yí páńẹ́lì padà di ẹlíìdì láti mọ àìsàn rẹ̀. Wọ́n á gbé e sínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, wọ́n á so pọ́sítíìfù ẹ̀rọ iná mọ́ pọ́sítíìfù páńẹ́lì, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n á sì ti iná tó tó iye tí páńẹ́lì náà máa ń mú jáde lóòrùn wọ inú rẹ̀. Fún páńẹ́lì ilé tó ní ọgọ́ta sẹ́ẹ̀lì, èyí ń gba nǹkan bíi fólítì 40. Ojú wa kò ní rí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wà ní nǹkan bíi nanomítà 1,150, nígbà tí ojú ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sí ohun tó bá kọjá 700. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà àkànṣe rí i, kódà kámẹ́rà lásán tí wọ́n ti yọ gílásì tó ń dí irú ìmọ́lẹ̀ yìí kúrò nínú rẹ̀ lè rí i bí wọ́n bá ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Takashi Fuyuki àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn wà lára àwọn tó fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ lọ́dún 2005.

Nínú àwòrán náà, ibi tó yè ń tàn. Ibi tó sán hàn bí ìlà dúdú tín-ínrín. Bí apá kan sẹ́ẹ̀lì bá ti já kúrò lára wáyà wẹ́wẹ́ tó ń kó iná rẹ̀, gbogbo apá yẹn yóò dúdú bí èédú, torí pé iná kò dé ibẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́nì kò sì rí ihò pàdé. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ràkọ̀ láàárín àwọn tó mọ́lẹ̀, a mọ̀ pé iná ń jò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí a lè fojú rí lójú gílásì. Sẹ́ẹ̀lì náà tín-ínrín, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ páńẹ́lì mọ́lẹ̀ nígbà tó ń gbé e sórí òrùlé, tàbí tí ọkọ̀ bá gbé e gba kòtò tó pọ̀, inú rẹ̀ lè sán kí gílásì rẹ̀ má sì ní àmì kankan.

Ìmọ́lẹ̀ sílíkọ́nì yìí kéré gan-an. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́kítírọ́nì tó já bọ́, ó ṣòro kí ẹyọ kan péré mú horo tó jáde síta wá. Nínú sílíkọ́nì, òkè àti ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò bára wọn mu, ẹlẹ́kítírọ́nì kò lè já bọ́ tààrà, àfi tí ìgbọ̀nrìrì kírísítà náà bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àbùkù kan ti gbà á mú, agbára rẹ̀ sì ti di ooru. Èyí náà ló fà á tí sílíkọ́nì kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ní láti ṣe é nípọn ju gálíọ́ọ̀mù ásẹ́náìdì lọ dáadáa. Ti gálíọ́ọ̀mù ásẹ́náìdì bá ara rẹ̀ mu, ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan ti tó o.

Èyí tó bá mọ̀ ọ́n tàn

Ibí yìí ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi páńẹ́lì sóòrùn láìso ó mọ́ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ń gbé ẹlẹ́kítírọ́nì gòkè láìdúró, wọn kò sì rí ọ̀nà jáde. Wọ́n ń pọ̀ sí i, fólítì ń ga sí i, ìdènà tó wà ní ààlà sì ń kéré sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹlíìdì tí a fi bátìrì sí. Nígbà tó bá yá, iye ẹlẹ́kítírọ́nì tó ń já bọ́ yóò dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń gòkè. Ibẹ̀ ni fólítì dúró. Iṣẹ́ páńẹ́lì àti iṣẹ́ ẹlíìdì ń lọ papọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà.

Lọ́dún 1961, William Shockley àti Hans Queisser ṣírò ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ohun tó bá lè gba ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tú ìmọ́lẹ̀ jáde, kò sí bí a ṣe lè yẹra fún un. Ìdọ̀tí tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́nì mú tó ń sọ ọ́ di ooru la lè mú kúrò. Bí a bá mú gbogbo ìwọ̀nyẹn kúrò, ìtàn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò kù gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́nì fi ń já bọ́. Sẹ́ẹ̀lì oníààlà kan tó bá dé ibẹ̀ kò lè ju nǹkan bí ìdá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ lábẹ́ oòrùn lásán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára páńẹ́lì sí àdánù. Eli Yablonovitch, onímọ̀ físíìsì ní Kalifóníà, sọ pé òdìkejì rẹ̀ lóòtọ́: sẹ́ẹ̀lì sólà tó dára jù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlíìdì tó dára jù pẹ̀lú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń jáde dáadáa, àmì ni pé ẹlẹ́kítírọ́nì kò ṣòfò sínú ooru, nítorí náà wọ́n ń pọ̀ jọ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, fólítì sì ń ga sí i. Iléeṣẹ́ Alta Devices tó wà lára àwọn tó dá sílẹ̀ fi dígí tó dán gidi sí ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì gálíọ́ọ̀mù ásẹ́náìdì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn nínú sẹ́ẹ̀lì náà kò rọ́nà gba ẹ̀yìn sọnù mọ́, ó ń padà wá gbé ẹlẹ́kítírọ́nì mìíràn. Fólítì sẹ́ẹ̀lì náà kọjá 1.1, iṣẹ́ rẹ̀ sì dé ìdá 28.8 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì dé rí nígbà náà. Kì í ṣe pé ó gba ìmọ́lẹ̀ ju àwọn tó ṣáájú lọ. Ó mọ̀ ọ́n tàn jù wọ́n lọ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra páńẹ́lì púpọ̀ fún ilé ìjọsìn, iléèwé tàbí iléeṣẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n ti lò rí kí wọ́n tó kó o wọ̀lú, ẹ má ṣe wo gílásì rẹ̀ nìkan kí ẹ sanwó. Mítà lásán yóò fi fólítì tó pé hàn yín lára páńẹ́lì tí inú rẹ̀ ti sán yánnayànna. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí wọ́n tan án nínú òkùnkùn, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí i. Bí wọn kò bá ní, ẹ wọn iye iná tó ń mú jáde lóòrùn ọ̀sán, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀.